A O Fi Owo Kun

Kò sí ẹni tó lè tẹ lẹ́tà tó mi níbi tí oòrùn ń ràn dé. Mi ò fọ́nnu o, ohun tó wà nílẹ̀ ni mò ń sọ. Tí ìka mi bá ti dé orí kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì wa, aláǹgbá ara ògiri á dúró, á máa mi orí, torí òun náà mọ iṣẹ́ tó dáa. Ṣùgbọ́n lẹ́tà kan ṣoṣo tí ọ̀gá wa ní kí n tẹ̀ fún àwọn òbí nípa owó ilé-ìwé, díẹ̀ ló kù kó rán mi sọ́run.

Obìnrin ni ọ̀gá àgbà ilé-ìwé wa. Màmá Kọ́mà là ń pè é lẹ́yìn, torí kò sí ọ̀rọ̀ tó lè gba iwájú ẹ̀ kọjá kó má fi kọ́mà sí i lára. Tó bá ní kóo jókòó, á kọ́kọ́ dúpẹ́ pé o wá, á bi ọ́ léèrè àlàáfíà, á tọrọ àforíjì fún àga tó ń mì, ẹsẹ̀ á ti máa ro ẹ́ kó tó kan jíjókòó.

Bí ọ̀rọ̀ ṣe jẹ́ nìyí. Tíṣà Sáyẹ́ǹsì wa, ọkùnrin kan tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, tó lè mú kí olódo fẹ́ràn ìṣirò, ti ríṣẹ́ síbòmíì. Ibẹ̀ máa san ju tiwa lọ dáadáa. Ó wá bá Màmá Kọ́mà, ó sọ fún un pé òun ò fẹ́ lọ, torí àwọn ọmọ kíláàsì àṣekágbá máa ṣèdánwò lọ́dún tó ń bọ̀, ṣùgbọ́n ọmọ òun náà ń jẹun. Tí owó oṣù òun bá lè gòkè ní táàmù tuntun, òun máa dúró. Ó ní kí wọ́n fún òun lésì kí ilé-ìwé tó tì fún ìsinmi, torí ibẹ̀ yẹn náà ń retí òun.

Màmá Kọ́mà lọ bá ìgbìmọ̀ tó ń bójú tó ilé-ìwé. Wọ́n ní kò sí owó níbì kankan àfi lọ́wọ́ òbí. Wọ́n fọwọ́ sí i pé kí owó ilé-ìwé fi ìdá kan nínú mẹ́fà lé sí i, àmọ́ lẹ́tà gbọ́dọ̀ dé ọwọ́ àwọn òbí kí táàmù tó parí, kó má dà bíi pé wọ́n dá wọn lọ́nà. Tí òbí bá sì yarí, kí Màmá Kọ́mà má bá àwọn sọ̀rọ̀ àfikún owó oṣù mọ́. Bí ọ̀rọ̀ tíṣà yẹn ṣe wá so mọ́ lẹ́tà kan nìyẹn, bíi ewúrẹ́ tí wọ́n so mọ́ èèkàn.

Mo fún Màmá Kọ́mà nímọ̀ràn lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Mo ní, "Mà, ẹ jẹ́ ká kọ ọ́ pé owó ti gòkè, ẹ wá san án. Ká bu ọwọ́ lù ú. Ó parí."

Ó wò mí bí ẹni tó rí eku nínú àpótí ìkọ̀wé. Ó ní òbí kì í ṣe onígbèsè, alájọṣe wa ni wọ́n. Ó ní lẹ́tà yìí gbọ́dọ̀ pọ́n wọn lé, kó sì ṣí gbogbo nǹkan sílẹ̀ gbangba: ìdí tí owó fi gòkè, iye tó fi gòkè, ọjọ́ tó máa bẹ̀rẹ̀, bí èèyàn ṣe lè san án díẹ̀díẹ̀, àti ẹni tí wọ́n lè wá rí tí agbára wọn ò bá gbé e. Èdè Yorùbá ló sì fẹ́ kó wà, torí àwọn lẹ́tà olóyìnbó tí a ti ń fi ránṣẹ́ tẹ́lẹ̀, ìdérí ìkòkò ni wọ́n ń fi ṣe nílé.

Ohun tó dáa ni. Ìyà tó fi jẹ mí ni mi ò lè sọ tán. Ó máa dá lẹ́tà náà pa dà, màá tún un tẹ̀, ó máa tún dá a pa dà. Lẹ́tà yẹn pààrà láàárín tábìlì mi àti tábìlì ẹ̀ títí tí sìmẹ́ǹtì ilẹ̀ ọ́fíìsì fi jẹ sísàlẹ̀. Ó ní kí n yọ "ó di dandan" kúrò, ó le jù. Mo yọ ọ́. Ó ní kí n yọ "ó ṣeni láàánú" kúrò, ó jọ lẹ́tà ikú. Mo yọ ọ́. Ó fi ìdúpẹ́ síwájú, ó tún fi ìdúpẹ́ míì síwájú ìdúpẹ́, nígbà tó yá ẹni tó bá ń ka lẹ́tà náà á ti rò pé ìwé ìgbéyàwó ni.

Akápò wa wá gbé ìṣirò tiẹ̀ dé: bí wọ́n ṣe máa pín àfikún náà, ti kíláàsì kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Màmá Kọ́mà ní kí ìyẹn wà nínú ìwé kejì, kí oníṣirò rí ìṣirò, kí ọ̀rọ̀ dídùn wà nínú ìwé àkọ́kọ́. Ó ní kí n so méjèèjì pọ̀. Ó tún un sọ: "Akọ̀wé, má jẹ́ kí ọ̀kan jáde láìsí ìkejì o."

Mo ní, "Mà, ṣé ọmọdé ni mí ni?"

Ọjọ́ Ẹtì tí a fẹ́ tẹ̀ ẹ́ jáde, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé bẹ̀rẹ̀ ìṣekúṣe. Gbogbo ibi tí mo bá fi àmì sí lórí ọ̀rọ̀, tàbí tí mo bá kán nǹkan sí lábẹ́, páálí kékeré dúdú ló ń tẹ̀ síbẹ̀. Ìwé náà dà bí ibi tí kòkòrò ti ń ṣèpàdé. Mo tún un ṣe, ó kọ̀. Mo na ẹ̀rọ náà, ó kọ̀. Ni mo bá lo ọgbọ́n tí Ọlọ́run fún èmi nìkan: mo kó gbogbo àmì kúrò. Ta ni Yorùbá tí ò mọ Yorùbá? Ẹni tó bá rí "omo", ó mọ̀ pé ọmọ ni. Ìwé àkọ́kọ́ jáde, ó mọ́ kedere. Bó ṣe kan ìwé kejì, íǹkì tán. Akápò ní kò sí owó íǹkì títí di ọjọ́ Ajé. Aago ti lù, àwọn ọmọ ti ń tò jáde. Mo rò ó pé bí lẹ́tà bá sùn sí ọ́fíìsì títí di ọjọ́ Ajé, Màmá Kọ́mà á tún rí ibi tí kọ́mà ti kù. Mo há ìwé àkọ́kọ́ fún gbogbo wọn lẹ́nu géètì. Ìwé kejì á tẹ̀lé e. Ọ̀rọ̀ ẹṣin ni, ìrù á máa bọ̀ lẹ́yìn.

Lọ́jọ́ Ajé, mo retí ogun. Mo ti wọ bàtà tí mo lè fi sáré.

Ẹni tó kọ́kọ́ wọlé ni ìyá aránṣọ. Ọmọ ẹ̀ mẹ́ta ló wà lọ́dọ̀ wa, èyí àgbà wà ní kíláàsì àṣekágbá, lọ́dọ̀ Tíṣà Sáyẹ́ǹsì. Téèpù ìwọn aṣọ ṣì wà lọ́rùn ẹ̀. Ó kúnlẹ̀ fún Màmá Kọ́mà tí kò ju ẹgbẹ́ ẹ̀ lọ. Ó ní Ọlọ́run á máa gbé e ga, ilé-ìwé yìí ò ní bàjẹ́, òun ka lẹ́tà náà òun sunkún. Màmá Kọ́mà gbé e dìde, ó ní àwọn ló yẹ kí wọ́n dúpẹ́. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í dúpẹ́ lọ́wọ́ ara wọn, ọ́fíìsì fẹ́ẹ̀ kún.

Lẹ́yìn ẹ̀, fóònù dún. Bàbá káfíńtà ni, alága ẹgbẹ́ àwọn òbí, ọkùnrin tó máa ń bínú sí afẹ́fẹ́ tó bá fẹ́ láìtọrọ ààyè. Òun náà ń kí wa. Ó ní gbogbo òbí ló ń yin ilé-ìwé lórí fóònù láti ọjọ́ Ẹtì. Ó wá ní ìbéèrè kékeré kan, owó tí a kọ pé a ní fún wọn yẹn, ṣé ọ́fíìsì akápò ni wọ́n á ti wá gbà á?

Màmá Kọ́mà rò pé àwàdà ni, ó rẹ́rìn-ín. Ó gbé fóònù kalẹ̀, ojú ẹ̀ ń dán. Ó ní, "Ṣé o rí i, akọ̀wé? Ohun tí mò ń sọ nìyẹn. Tí èèyàn bá fi ohùn tútù bá èèyàn sọ̀rọ̀, kò sí ohun tí wọn ò ní gbà." Ó ránṣẹ́ pe Tíṣà Sáyẹ́ǹsì, ó sọ fún un pé àwọn òbí ti gbà, wọ́n tiẹ̀ ń kúnlẹ̀ gbà á. Tíṣà mí kanlẹ̀. Mi ò tíì rí ẹ̀rín lójú ọkùnrin yẹn rí. Ó ní òun máa lọ kọ lẹ́tà sí ibi kejì pé òun ò wá mọ́.

Èmi náà ti ń gbéra ga. Mo ti ń rò ó pé kí wọ́n gbẹ́ ère mi sẹ́nu géètì.

Ìyá aránṣọ ò tíì lọ. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń fi téèpù nu ojú. Ó ní, "Ẹ̀yin nìkan lẹ ṣe é o, Mà. Gbogbo ilé-ìwé àdúgbò yìí ló fi owó kún owó wọn. Ẹ̀yin ni ẹ rí gbogbo ẹ̀ tí ẹ ní ẹ ò ní fi kọ́bọ̀ kan kún tiyín."

Tíṣà tó ti dé ẹnu ọ̀nà dúró.

Màmá Kọ́mà na ọwọ́ sí mi láìwò mí. "Gbé lẹ́tà yẹn wá."

Ohun tó wà níbẹ̀ nìyí, bí mo ṣe tẹ̀ ẹ́ gan-an: "Gbogbo nnkan lo ti won. Opo ile-iwe lo ti fi owo kun owo won. Pelu ife ati owo ti a ni fun yin, a o fi owo kun owo ile-iwe yii lati taamu to n bo. Ekunrere wa ninu iwe keji."

Ó kà á síta. Ó kà á bí òun ṣe kọ ọ́: pẹ̀lú ìfẹ́ àti ọ̀wọ̀ tí a ní fún yín, a ó fi owó kún owó ilé-ìwé. Ó tún un kà, ohùn ẹ̀ lọ sílẹ̀: pẹ̀lú ìfẹ́ àti owó tí a ní fún yín, a ò fi owó kún owó ilé-ìwé.

Ìyá aránṣọ ní, "Ẹ̀ẹ̀n. Bó ṣe wí nìyẹn."

Mo fẹ́ kí ilẹ̀ lanu. Ilẹ̀ ilé-ìwé wa, sìmẹ́ǹtì ni, kò lanu.

Mo gbìyànjú láti ṣàlàyé. Mo sọ ti ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, mo sọ ti páálí dúdú, mo sọ ti íǹkì. Mo ní àmì lásán ni. Màmá Kọ́mà bọ́ awò ojú ẹ̀ sílẹ̀. Mo ti bá a ṣiṣẹ́ tipẹ́, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tó sọ̀rọ̀ tí ò fi kọ́mà sí i.

"Àmì lásán ló fẹ́ gba tíṣà lọ́wọ́ mi."

Tíṣà Sáyẹ́ǹsì bèèrè bóyá kí òun ṣì dá lẹ́tà tòun dúró. Màmá Kọ́mà ní kó jọ̀ọ́, kó dá a dúró di ọ̀la. Ìyá aránṣọ ń wò wá lọ́kọ̀ọ̀kan, oyin tó wà lẹ́nu ẹ̀ ti ń di ewúro. Ó bi wá bóyá ẹkún tóun sun lọ́jọ́ Ẹtì, ẹkún òfo ni.

A pe àwọn òbí jọ lọ́jọ́ kejì, sínú gbọ̀ngàn tí àwọn ọmọ ti ń ṣèdánwò. Àga àwọn ọmọ kékeré ni wọ́n jókòó lé, orúnkún wọn kan àgbọ̀n, ìyẹn gan-an tó èèyàn bínú. Màmá Kọ́mà ní èmi tí mo tẹ̀ ẹ́ ni màá kà á. Mo jáde síwájú. Àwọn èèyàn tó wà níbẹ̀ tó ẹgbẹ̀rún lọ́nà ẹgbẹ̀rún, gbogbo wọn ló gbé lẹ́tà dání bíi pàṣán. Mo ka ìdúpẹ́, wọ́n mi orí. Mo ka àpọ́nlé, wọ́n mi orí. Mo dé ibẹ̀, mo gbé ohùn sókè dáadáa: "A óóó fi owó kún."

Ariwo tó sọ, ẹyẹ orí òrùlé kó lọ sílùú míì.

Bàbá káfíńtà dìde, àga ọmọdé lẹ̀ mọ́ ọn nídìí, ó fà á kúrò. Ó ní òun ti ń ka ìwé kí wọ́n tó bí mi, "a ò" ló wà lọ́wọ́ òun. Ó ní bí òun bá gbẹ́ ilẹ̀kùn fún èèyàn tí ilẹ̀kùn ò bá ẹnu ọ̀nà mu, òun kì í sọ fún onílé pé kó lọ tún ògiri mọ. Òun ló ń gba àdánù. Kí ilé-ìwé náà gba tiẹ̀. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un. Ẹnì kan láti ẹ̀yìn ní kí akọ̀wé wá san àfikún náà fún gbogbo ọmọ. Ẹlòmíì ní ká fi akọ̀wé dógò. Mo wo bàtà mi. Bàtà tí mo lè fi sáré, ilé ni mo fi í sí.

Màmá Kọ́mà bọ́ síwájú. Mo rò pé ó fẹ́ bẹ̀rẹ̀ láti orí ìdúpẹ́, mo ti ń wá àga. Kò dúpẹ́.

Ó ní, "A máa fi owó kún un. Ìdá kan nínú mẹ́fà. Tí mo bá ti sọ ọ́ báyìí tẹ́lẹ̀, a ò ní wà níbí. Ọ̀rọ̀ ni mo fi bò ó mọ́lẹ̀ kó lè dùn, akọ̀wé yìí wá fi erùpẹ̀ tiẹ̀ bò ó lé e."

Ó wá ka ìwé kejì fún wọn. Ìdajì àfikún náà máa lọ sórí owó oṣù àwọn olùkọ́. Ìdá mẹ́rin míì jẹ́ ti ohun èlò yàrá ìwádìí sáyẹ́ǹsì. Ìdá mẹ́rin tó kù jẹ́ ti iná àti epo ẹ̀rọ amúnáwá. Kò sí ohun tó kan ọ́fíìsì tòun nínú ẹ̀. Wọ́n lè san án lẹ́ẹ̀mẹta láàárín táàmù. Ẹni tó bá ní ọmọ mẹ́ta, iye àtijọ́ ni ẹ̀kẹta máa san. Ẹni tí agbára ẹ̀ ò bá gbé e rárá, kó wá rí òun lọ́ọ́fíìsì kí táàmù tó bẹ̀rẹ̀, kó má fi ọmọ pamọ́ sílé.

Bàbá káfíńtà tẹjú mọ́ ọn. Ó ní, "Ìdá mẹ́rin, ìdá mẹ́rin, ìdajì. Ìdá mẹ́rin wo? Tí nǹkan bá jẹ́ ìdajì, ìdá mẹ́rin méjì á ti pọ̀ ju odindi ẹ̀ lọ."

Màmá Kọ́mà yí ìwé náà wò. Ó yí ojú sí mi. Èmi ni mo tún ìwé kejì tẹ̀ lówùúrọ̀ yẹn. "Ìdá kan nínú mẹ́rin" ni akápò kọ, mo gé e kúrú kó lè dùn ún kà. Mo ṣàlàyé báyìí fún gbogbo èèyàn. Bàbá káfíńtà wò mí pẹ́, ó ní òun á máa gbàdúrà fún àwọn òbí mi. Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn tún afẹ́fẹ́ ibẹ̀ ṣe díẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi.

Ìgbà yẹn ni ìyá aránṣọ bèèrè ohun tí kò sí nínú ìwé kankan. Ó ní ta ni nínú àwọn olùkọ́ ló ń lọ, torí wọn kì í dédé rántí owó oṣù olùkọ́. Màmá Kọ́mà ò fẹ́ dárúkọ. Tíṣà Sáyẹ́ǹsì tó fara ti fèrèsé gbé ọwọ́ sókè fúnra ẹ̀, bí ọmọ kíláàsì. Ó ní òun ni. Ó ní lọ́la ni òun gbọ́dọ̀ fún ibẹ̀ lésì.

Àwọn tó ní ọmọ lọ́dọ̀ ẹ̀ ń wo ara wọn.

Bàbá káfíńtà ò tíì gbà. Ó ní lẹ́tà ni lẹ́tà, ohun tí ilé-ìwé kọ ló yẹ kó dè é ní táàmù kan ó kéré tán. Màmá Kọ́mà sì mọ̀ pé ìgbìmọ̀ ò ní san owó tuntun lórí owó àtijọ́. Mo rí i tó di etí tábìlì mú.

Ìyá aránṣọ dìde. Ó na lẹ́tà tiẹ̀, ó tẹ́ ẹ pẹrẹsẹ bí ẹni fẹ́ gé aṣọ. Ó ní, "Ẹ gbọ́, kò sí àmì kankan níbí. Lọ́jọ́ Ẹtì, mo kà á ní 'a ò', torí bó ṣe wù mí nìyẹn. Ọmọ mi ń ṣèdánwò lọ́dún tó ń bọ̀. Lónìí, mo kà á ní 'a ó'." Ó yíjú sí Bàbá káfíńtà. "Alága, tiyín náà ń bẹ ní kíláàsì yẹn. Báwo lẹ ṣe ń kà á?"

Bàbá káfíńtà gbé lẹ́tà súnmọ́ ojú, ó gbé e jìnnà, bí ẹni ń wo pákó bóyá ó tọ́. Ó ní ojú ń dun òun. Ó ní ó lè jẹ́ "a ó". Ó ní àmọ́ tí yàrá ìwádìí ò bá rí ohun èlò kí táàmù tuntun tó parí, òun máa tún un kà.

Kì í ṣe gbogbo wọn ló gbà. Àwọn kan bínú jáde, wọ́n ní àwọn máa wá ilé-ìwé míì, bóyá wọ́n á ṣe bẹ́ẹ̀ lóòótọ́. Àwọn kan tò sẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì Màmá Kọ́mà láti sọ tiwọn ní ìkọ̀kọ̀. Àwọn tó kù mú ìwé kejì, wọ́n ká a sápò. Akápò ka iye wọn, ó fi ojú bá Màmá Kọ́mà sọ̀rọ̀, Màmá Kọ́mà fi ojú bá Tíṣà sọ̀rọ̀. Tíṣà ní, "Ó tó, Mà." Ó jáde lọ kọ lẹ́tà tiẹ̀ sí ibi kejì pé òun ò wá mọ́.

Wọn ò lé mi. Ta ni wọ́n máa rí tó tó mi? Ìyà tí wọ́n fún mi ni pé lẹ́tà tuntun gbọ́dọ̀ jáde fún gbogbo òbí, ẹ̀rọ náà ṣì ń tẹ páálí dúdú, nítorí náà kí n fi bírò fi àmì sórí gbogbo ọ̀rọ̀, lórí ìwé kọ̀ọ̀kan, títí tí màá fi parí. Ọwọ́ mi wú bí iṣu. Tíṣà Sáyẹ́ǹsì gba ibẹ̀ kọjá, ó wo èyí tí mo ti ṣe, ó tọ́ka sí "ọ̀wọ̀" kan tí mo ti sọ di ìgbálẹ̀, ó gbé bírò pupa tiẹ̀ lé e fún mi, ó bá tiẹ̀ lọ.

Ohun tó ń dùn mí jù ni gbólóhùn tó bẹ̀rẹ̀ lẹ́tà tuntun náà. Màmá Kọ́mà fúnra ẹ̀ ló kọ ọ́, kò sí kọ́mà kan níbẹ̀: "Owó ilé-ìwé ti gòkè." Mo gbé e lọ bá a, mo ní, "Mà, ohun tí mo sọ lọ́jọ́ àkọ́kọ́ kọ́ nìyí?"

Ó ní kí n lọ fi àmì sí i.